Etí Tí Kọ̀ǹpútà Fẹ́ Wọ̀

Wọ́n ní obìnrin kan wà ní Ìgbónà, ní Òṣogbo, tó gbé fóònù lọ́jọ́ kan nígbà tí kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ ń fa nǹkan bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Kò mọ̀. Ó ní kí òun kàn gbọ́ bóyá ẹnìkan wà lórí ìlà. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń fà bọ̀ bá yà kúrò lójú ọ̀nà, ó gba inú fóònù, ó wọ obìnrin náà létí, ó sì jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, tí ènìyàn bá kí i pé ẹ káàárọ̀, nọ́ńbà ló fi ń dáhùn. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé e lọ sórí òkè àdúrà, àti pé wòlíì tó gbọ́wọ́ lé e lórí gbọ́ ohùn kan nínú etí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìdí ìkòkò.

Wúrà mọ obìnrin náà dáadáa. Inú orí Wúrà ni wọ́n ti bí i, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹta ọdún 1999, láàárín ìgbà tí Wúrà fi bó ọsàn kan tán tó sì fi mú òmíràn.

Kí ẹ tó bínú sí i, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó sún un débẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Díákónì Silas, nítòsí Ẹrẹ́jà ní Iléṣà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni: ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, pálọ̀ wà lókè, níbi tí Màmá Phebe, ìyá bàbá Wúrà, ti ń jókòó ṣọ́ ilé àti ọmọ ilé. Ìlà fóònù kan ṣoṣo ló wọ ilé náà, ṣùgbọ́n ẹnu méjì ló ní. Ẹnu kan jẹ́ fóònù pupa tó wà lórí àpótí nínú pálọ̀, tí wọ́n fi ìbòrí tí wọ́n hun bò mọ́lẹ̀ bí ẹni bo ọmọ tuntun. Ẹnu kejì gba ojú fèrèsé sọ̀kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó wọnú módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà pe fóònù. Módẹ́ẹ̀mù yìí ni Wúrà fi ń pe ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Ìbàdàn.

Ẹnu méjì míì tún ń jẹ owó lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ mọ̀. Ilé iṣẹ́ Ìbàdàn ń ka wákàtí, àwọn onífóònù ń ka ìṣẹ́jú, nítorí pé láti Iléṣà dé Ìbàdàn, ìpè ọ̀nà jíjìn ni. Ìdí nìyẹn tí Wúrà fi máa ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sáré wọ ilé tí iná ń jó. Kó tó pe Ìbàdàn, ó ti kọ gbogbo lẹ́tà oníbàárà sílẹ̀ tán. Ó ti kọ àdírẹ́sì ibi tó ń lọ sínú ìwé. Ó ti pa gbogbo àwòrán lójú íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó má baà jẹ́ àwòrán ẹ̀rín òyìnbó kan ni yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́rin dúró dè. Á wọlé, á mú ohun tó fẹ́ mú, á jáde. Aago ìdáná Màmá Phebe wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ká a lọ́wọ́ kò bí ọlọ́pàá.

Ohun tó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀ ni oògùn kòkòrò. Àwọn kòkòrò kan wà tó ń bá dísíkẹ́ẹ̀tì, pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ káàkiri, rìn láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń ba iṣẹ́ jẹ́, kọ̀ǹpútà sì ní ètò kan tó ń ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ tí kò mọ ojú olè tuntun, asán ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa fa ìwé orúkọ àwọn kòkòrò tuntun sọ̀kalẹ̀ fún un láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù. Ìwé yìí ni Wúrà ń pè ní oògùn. Ó tóbi. Tí ìlà bá dára, ó ń gbà tó ogójì ìṣẹ́jú, ìlà Iléṣà kì í sì í dára fún ogójì ìṣẹ́jú bí kò ṣe pé ó ń sùn.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní àáró. Bí àgbẹ̀ ṣe ń ro tèmi lónìí ká ro tìrẹ lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ń fa oògùn: Táòfíkì ní Òkè-Fíà ní Òṣogbo, Elisha ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, àti Wúrà. Ẹni tó bá kàn lóṣù yìí á fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á pín in sí dísíkẹ́ẹ̀tì méjì, á dà á kọ fún àwọn méjì yòókù. Elisha kò tilẹ̀ ní fóònù. Tó bá kàn án, ọ̀dọ̀ Táòfíkì ló ń lọ jókòó.

Oṣù kìíní kan Wúrà. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó dé ìdajì, ìlà já. Ó tún pè, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tó bá já lójú ọ̀nà, ó ti já nìyẹn. Ó tún dé ìdajì, ó tún já. Nígbà kẹta ló sáré gòkè, ó bá Màmá Phebe tó gbé fóònù pupa sí etí.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń wò ó bóyá Phebe ti dé."

Phebe ni àkọ́bí Màmá. Jọ́ọ̀sì ló ń gbé. Ìgbàgbọ́ Màmá ni pé bí Phebe bá pè tí agogo kò sì dún, ohùn rẹ̀ á wà nínú ẹ̀rọ náà bí omi inú àmù, kí ènìyàn kàn ṣí i wò.

"Màmá, ẹ̀ ń já mi ni. Tí ẹ bá ti gbé e, ẹ ti já mi."

"Mo gbọ́ ọ. Kò tilẹ̀ dára. Ó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀."

Wọ́n tún gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí bíìlì fóònù dé lóṣù kẹta, Díákónì Silas yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wọ̀, bí ẹni pé gíláàsì ló jẹ̀bi.  

Ọmọ gidi ì bá ti lọ bẹ Màmá, kó ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ ọlọgbọ́n ì bá ti bi Táòfíkì bóyá ọgbọ́n wà. Wúrà kì í ṣe èkíní, kò sì fẹ́ kí Táòfíkì mọ̀ pé òun kì í ṣe èkejì. Ó bó ọsàn, ó sì bí obìnrin ará Ìgbónà. Ó gbé e gòkè tọ Màmá lọ pẹ̀lú ojú ẹni tó ti ibi òkú dé.

Màmá gbọ́ ọ tán. Wọ́n wo fóònù. Wọ́n wo Wúrà. Wọ́n fa àpótí tí fóònù wà lórí rẹ̀ jìnnà sí àga wọn ní ẹsẹ̀ méjì.

Wúrà sọ̀kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ó ti gbàgbé pé Màmá Phebe wà nínú Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere ní ìjọ Àpọ́sítélì, ìròyìn tó bá sì wọ ìpàdé wọn lọ́jọ́rú, ó ti wọ ọkọ̀ Òṣogbo kó tó di Ọjọ́bọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, Salmah, àbúrò Táòfíkì tó ń ta ìbòrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òṣogbo, bá Wúrà kẹ́dùn. Ó ní àwọn gbọ́ nípa obìnrin Iléṣà kan tí kọ̀ǹpútà wọ̀ létí. Ọmọ inú orí Wúrà ti kó kúrò ní Ìgbónà, ó ti di ará Iléṣà, wọ́n ti bá a wá ọkọ, ọkọ náà sì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Wúrà ní, "Áà, Ọlọ́run á ṣàánú." Kí ni ì bá tún sọ?

Báyìí ni oṣù kẹrin dé. Ó kan Wúrà.

Oògùn oṣù kẹrin kì í ṣe ti eré. Kòkòrò kan wà tó ń sùn nínú kọ̀ǹpútà bí aláìsàn tí kò mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn, títí di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà. Tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn, á jí, á sì nu ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Ẹni tó bá lè jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ sùn lọ́jọ́ Ajé, kò ní ìṣòro. Elisha kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ìdánwò ilé ìwé mẹ́fà ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọjọ́ Ajé ló máa tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun làwọn ọmọ máa jókòó. Oṣù méjì ló fi tẹ ìbéèrè náà wọlé, ìka méjì ló sì fi ń tẹ̀wé.

"Wúrà," ó ní lọ́jọ́ tó wá rán an létí, "ṣé kò ní sí wàhálà?"

"Bọ̀ọ̀dá Elisha, ẹ lọ sùn."

Ó ti ṣètò rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù ni, ọjọ́ ìmọ́tótó. Láti aago méje sí mẹ́wàá, ọkọ̀ kò ní rìn, oníbàárà kò ní wá, ọ́fíìsì kò ní ṣí, gbogbo Iléṣà á wà lẹ́nu gọ́tà, ìlà Ìbàdàn á sì ṣófo. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá ń fa oògùn kò lè máa gbá gọ́tà. Àǹfààní yìí gan-an ni Wúrà kọ́kọ́ rí.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó gbé ìka lé kíbọ́ọ̀dù. Módẹ́ẹ̀mù ṣí ẹnu, ó pa á dé. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé òun kò gbọ́ ohùn ìlà.

Ó tún un ṣe. Bákan náà.

Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Ó yọ wáyà, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, ó tún un kì bọ ihò rẹ̀. Ó yí i dé ihò kejì. Ó bú àwọn onífóònù. Ó bú ilé iṣẹ́ Ìbàdàn, tí wọn ò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà rárá. Ó mú síkúrúdíráfà, ó tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó wo inú rẹ̀ bí ìyàwó tuntun tó ń wo ìkòkò ìyá ọkọ, ó sì tún un dì. Síkúrúù kan ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ó fi sápò.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ náà, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe nìyẹn: kó gòkè lọ gbé fóònù pálọ̀, kó gbọ́ bóyá ìlà ń dún. Wúrà gòkè. Màmá wà lẹ́nu gọ́tà, wọ́n ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ àdúgbò. Pálọ̀ dákẹ́. Fóònù wà lórí àpótí, ìbòrí rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó wú díẹ̀ ju bó ṣe máa ń wú lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń wọn ìbòrí? Wúrà na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ náà.

Ó rántí obìnrin ará Ìgbónà.

Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Òun ló pa á. Ó rántí adùn ọsàn tó ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tó ń pa á. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kan, ó ti gbọ́ irọ́ náà lẹ́nu ènìyàn mọ́kànlá, wọ́n sì ti fi orúkọ òpópónà, orúkọ wòlíì àti àwọ̀ aṣọ tí obìnrin náà wọ̀ kún un. Ènìyàn á wo ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ìdí láti dààmú ìlà tó ti kú tẹ́lẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ gbá gọ́tà.

Bí aago mẹ́wàá ṣe lù, ó wọ ọkọ̀ Òṣogbo.

Táòfíkì jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín nu kíbọ́ọ̀dù. Òpó kan tí òjò wó lulẹ̀ ti pa fóònù tirẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà kò sí bí oògùn ṣe lè gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé.

"Ọmọ Òṣómàáló," ó ní, "ìwọ náà rèé. Ṣé o ti gbé e dé?"

"Bọ̀ọ̀dá Táòfíkì, ẹ má bá mi ṣeré lónìí. Módẹ́ẹ̀mù ní òun ò gbọ́ ohùn ìlà. Mo ti pa á, mo ti tàn án, mo ti yí wáyà. Mo ti tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà."

"O tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà nítorí fóònù."

"Mo fẹ́ eruku."

"Síkúrúù mélòó ló ṣẹ́ kù?"

"Ọ̀kan."

"O ti ń gbọ́n sí i. Nígbà tó kọjá, mẹ́ta ni. Ṣé o gbé fóònù òkè, kí ló sọ?"

Wúrà wo òdìkejì títì. Ẹnìkan ń ta búrẹ́dì níbẹ̀.

"Wúrà."

"Mo fọwọ́ kan ìbòrí rẹ̀."

Táòfíkì gbé kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dákẹ́ ẹ̀rín. Òun nìkan ni Wúrà ti sọ àṣírí obìnrin ará Ìgbónà fún, ó sì mọ ohun tí fífọwọ́kan túmọ̀ sí. "Ẹ̀rù irọ́ tí o pa ló bà ọ́," ó ní. "Subhanallah. Ìyá tó bí ọmọ, tó ń sá fún un ní kọ̀rọ̀."

Ó mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ìpè lódìkejì títì, ó sì pe nọ́ńbà ilé wọn ní Iléṣà. Ó tẹ́tí, ó gbé e fún Wúrà. Ó ń dún tú-tú-tú, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìlà yín kò kú," ó ní. "Ẹnìkan ti gbé e."

"Ta ló máa gbé e? Kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án nínú ilé yẹn. Mo ti rí sí i."

Salmah, tó tẹ̀ lé wọn wá láti wo ohun tó ń pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́rìn-ín, dá sí i. "Bóyá ààbò ni wọ́n ṣe. Ẹ ò tíì gbọ́? Wọ́n ní tí nǹkan yẹn bá fẹ́ wọ ilé, kí wọ́n gbé ọwọ́ fóònù sílẹ̀ kúrò lórí ìdí rẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Kò ní lè jáde."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ènìyàn."

Wúrà yíjú sí Táòfíkì. Òun náà wá ń wo ẹni tó ń ta búrẹ́dì.

"Bọ̀ọ̀dá Táòfíkì."

"Mo kàn ní kí n fi díẹ̀ kún un," ó ní. "Ìtàn rẹ kò ní oògùn nínú. Ìtàn tí kò ní oògùn, ó ń dun àwọn ènìyàn."

Ọkọ̀ kan náà làwọn méjèèjì wọ̀ padà sí Iléṣà. Ní ìdajì ọ̀nà ni Táòfíkì yọ dísíkẹ́ẹ̀tì kan lápò. Ó ní ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń rántí ibi tí oògùn dé nígbà tí ìlà já, tí á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, tí ibi tí wọ́n ti ń fà á bá gbà. Ó ní ó ti wà lọ́wọ́ òun láti ọdún tó kọjá.

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"O ò bi mí. O sọ fún mi lóṣù kìíní pé ó lọ geere."

Òótọ́ ni. Ó sọ bẹ́ẹ̀.

Elisha ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n dé, láti aago mọ́kànlá, pẹ̀lú dísíkẹ́ẹ̀tì òfìfo méjì tó wé sínú ọ̀rá kí eruku má baà wọ̀ wọ́n. Ó dìde. Wúrà kò lè wo ojú rẹ̀. "Ẹ jókòó, Bọ̀ọ̀dá Elisha," ó ní, "ó kù díẹ̀," gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ.

Ó gòkè. Màmá Phebe jókòó sórí àga wọn.

"Màmá, kí ló ṣe fóònù?"

"Ó ń sùn."

Wúrà ṣí ìbòrí. Ọwọ́ fóònù ti kúrò lórí ìdí rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ìborùn funfun tí Màmá ń wọ̀ lọ sí ìsìn wé e ní ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n sì fi okùn dì í bí ẹ̀kọ.

"Láti ìgbà wo, Màmá?"

"Láti alẹ́ àná. O ní ìwọ máa fa nǹkan rẹ lónìí. Ìwọ lo wà nísàlẹ̀. Etí tìrẹ ló sún mọ́ ọn jù."

"Tí Àǹtí Phebe bá wá pè ńkọ́?"

"Òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń pè," ni Màmá wí. "Mo mọ̀. Mo ní kó dúró ná. Phebe ti ní etí méjèèjì ní Jọ́ọ̀sì. Ìwọ ni mo ń ṣọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Wúrà lára ju bí bíìlì fóònù ṣe wọ̀ ọ́ lọ. Obìnrin yìí tó ń ṣí fóònù wò lójoojúmọ́ bí ẹni ń ṣí àmù, ó ti di àmù náà pa nítorí rẹ̀. Wúrà kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Kò sí obìnrin kankan."

"Obìnrin wo?"

"Ti Ìgbónà. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á, kí ẹ má baà máa gbé fóònù."

 Táòfíkì, tó ti gòkè tẹ̀ lé e, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wá ń wo bàtà rẹ̀.

"Mo gbààwẹ̀ fún un," ni Màmá wí.

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ẹgbẹ́. Ìyá Béjidé gbà á ní gbígbẹ, kò mu omi. A sọ orúkọ rẹ̀ níwájú Olúwa pé arábìnrin wa tó wà ní Òṣogbo."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ irọ́? Bóyá ti àkọ́kọ́ ni òótọ́, tí ti ìsinsìnyí jẹ́ irọ́, torí pé o fẹ́ fóònù." Màmá nawọ́ sí àtẹ̀gùn. "Ó dáa. Lọ fa nǹkan rẹ. Tó bá ti ń bọ̀ dáadáa, ìwọ á wá síbí, ìwọ á gbé e sí etí ara rẹ lójú mi."

"Màmá, á já mi."

"Kó já. Etí ta la fẹ́ wò?"

Wọ́n tú ìborùn náà. Táòfíkì fi ètò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Módẹ́ẹ̀mù ké, ó hó, ó kùn, ó sì wọ Ìbàdàn nígbà kẹta. Ìdajì àkọ́kọ́ oògùn náà gba ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Elisha ń wo ìlà kékeré tó ń gùn lójú kọ̀ǹpútà, kò mí. Ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, ohùn Màmá ti òkè wá.

"Wúrà. Mò ń dúró."

"Kí ló dé?" ni Elisha béèrè. "Kí ni Màmá ń dúró dè?"

"Ìdájọ́," ni Táòfíkì wí. "Lọ, ọmọ Òṣómàáló. Mò ń ṣọ́ ọ."

Kò sí ọ̀nà tó gùn tó àtẹ̀gùn yẹn ní Iléṣà lọ́jọ́ náà. Wúrà dúró níwájú fóònù pupa. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó tún mọ̀ pé etí rẹ̀ ọ̀tún ni òun fẹ́ràn jù, ó sì gbé fóònù sí tòsì. Màmá na ọrùn.

Ariwo gbá a: ó ń ké, ó ń gbó, ó ń ha, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Wòlíì kò kúkú parọ́. Lẹ́yìn náà, nísàlẹ̀, Elisha pariwo pé ó ti dúró. Ariwo inú fóònù dá, ìlà dákẹ́.

"Kí mi," ni Màmá wí.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Tún mi kí."

"Ẹ káàsán, mà."

Màmá fi ọwọ́ gbá etí rẹ̀ mú, wọ́n yí orí rẹ̀ sí ọ̀nà fèrèsé, wọ́n wo inú ihò náà pẹ́. "Ó dọ̀tí," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ohun àtijọ́ ni." Wọ́n gbé ọwọ́ fóònù padà sórí ìdí rẹ̀ fúnra wọn.

Nísàlẹ̀, wọ́n tún pe Ìbàdàn. Ó gbà wọ́n ní ìgbà mẹ́jọ kó tó wọlé. Wúrà di ojú. Nígbà tó là á, ìlà kékeré náà kò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí Màmá dá a dúró sí ni ó ti ń lọ. Kò sẹ́ni tó gbé fóònù lókè. Wọ́n ń gbọ́ àga Màmá tó ń dún ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ń wò ó, wọn kò sì fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí oògùn wọlé tán, Wúrà kọ́kọ́ já fóònù kí àwọn onífóònù tó tún ka ìṣẹ́jú kan sí i, ó sì jẹ́ kí olùṣọ́ yẹ ẹ̀rọ Díákónì Silas wò. Ó bá kòkòrò náà níbẹ̀, ó ń sùn fọnfọn nínú eré bọ́ọ̀lù kan tí Wúrà dà kọ sínú rẹ̀ lóṣù kejì, fún ọ̀sán tí oníbàárà kò bá wá. Dísíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló ti fi ṣiṣẹ́ lẹ́rọ Elisha.

Elisha wò ó. "Ọwọ́ ẹ ló ti wá?"

"Bọ̀ọ̀dá Elisha, ẹ má wo mí bẹ́ẹ̀. Mo ti gba ìdájọ́ kan lónìí."

Wọ́n da oògùn kọ sí dísíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì, wọ́n dà á kọ lẹ́ẹ̀kan sí i fún Táòfíkì. Elisha wé tirẹ̀ padà sínú ọ̀rá, ó fi sápò àyà, ó sì fọwọ́ bò ó títí ó fi wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Alẹ́ ọjọ́ náà ló fi oògùn pa kòkòrò inú ẹ̀rọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ó tẹ ìbéèrè ilé ìwé mẹ́fà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì nu ohunkóhun.

Ìdájọ́ Màmá ní apá kejì. Lọ́jọ́rú, Wúrà lọ sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere, ó dúró níwájú gbogbo wọn, ó jẹ́wọ́. Ó sọ pé kò sí obìnrin kankan, pé òun fúnra òun ti gbé fóònù sí etí nígbà tí kọ̀ǹpútà ń fa nǹkan, kò sì sí ohun tó ṣe òun. Wọ́n gbọ́ ọ tọkàntọkàn. Nígbà tó parí, Ìyá Béjidé dìde, ó ní kí ẹ̀yin ará ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún etí ọmọ yìí.

Ẹni tó bá gbé fóònù nígbà tí kọ̀ǹpútà ń lo ìlà kan náà á gbọ́ ariwo, ìlà á sì já.